Nígbà tí Ìwé Owó àti Ìwé Báńkì Kò Bá Bára Mu: Àlàyé Nípa Sọ̀wédowó tí Kò Tíì Dé Báńkì

Ní ìparí oṣooṣù ni báńkì máa ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò tí ó ń fi owó pamọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Nínú ìwé náà ni wọn yóò ti rí iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye tí ó kù. Nígbà tí olówò bá gbé ìwé yìí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé owó tí akọ̀wé rẹ̀ ń kọ, kì í pẹ́ tí yóò fi rí i pé iye tí ó kù nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí iye tí ó kù nínú èkejì. Àwọn kan a máa bínú, wọn a ní báńkì ti rẹ́ àwọn jẹ. Àwọn mìíràn, tí wọ́n rí i pé ti báńkì ni ó pọ̀ jù, a máa yọ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí ná owó náà. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tí ó ń yọ̀ yẹn ni ọ̀ràn rẹ̀ le jù, nítorí pé owó tí ó ń ná kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ó wà ní Ọ̀tà àti Sàngó Ọ̀tà gan-an, ní ọ̀nà tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Ó sì kan ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Àtàn, ní Ìjú, ní Ìgbẹsà àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń kó ẹrù fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ń tà ọjà fún wọn, tí ẹ sì ń gba sọ̀wédowó lọ́wọ́ wọn. Òtítọ́ ni pé orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni a ti ń fi owó ránṣẹ́ jù lọ lóde òní. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí owó kí ó tó jáde kò tíì fi sọ̀wédowó sílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò fi í sílẹ̀.

Ohun tí ó ń fa ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọjọ́ tí a bá kọ sọ̀wédowó tí a sì fi lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́, ọjọ́ náà gan-an ni akọ̀wé wa yóò yọ owó náà kúrò nínú ìwé owó. Ohun tí ó ṣe yìí tọ́, nítorí pé a ti fi owó náà fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n báńkì kò mọ ohun kan nípa rẹ̀. Kò ní yọ kọ́bọ̀ kan kúrò títí di ọjọ́ tí sọ̀wédowó náà bá dé iwájú rẹ̀. Láàrín ọjọ́ méjèèjì yìí, owó kan náà ti jáde nínú ìwé wa, ó sì wà síbẹ̀ nínú ìwé báńkì. Bí sọ̀wédowó mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà lọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàtọ̀ náà yóò tóbi púpọ̀.

Láyé àtijọ́, ìwé sọ̀wédowó fúnra rẹ̀ ni a ní láti gbé láti báńkì tí a san án sí lọ sí báńkì tí yóò sanwó rẹ̀, ó sì lè lo ọjọ́ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ètò kalẹ̀ pé àwòrán sọ̀wédowó ni kí àwọn báńkì máa fi ránṣẹ́ sí ara wọn, kí ìwé gan-an má ṣe rìn mọ́. Nítorí náà, sọ̀wédowó tí a bá san sí báńkì lónìí, ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni ó yẹ kí owó rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Èyí túmọ̀ sí pé bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá kọjá tí a kò rí sọ̀wédowó kan nínú ìwé báńkì, kí a má ṣe bá báńkì wí. Inú àpótí ẹnì kan ni sọ̀wédowó náà wà, tàbí inú àpò aṣọ rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé kò tilẹ̀ kúrò lórí tábìlì wa rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ó ń ṣe ọ̀rá tí a ń rọ omi mímu sí ní Sàngó Ọ̀tà. Ní ọjọ́ tí oṣù kẹfà parí, ìwé báńkì sọ pé ₦2,480,000 ni ó kù. Ìwé owó tí akọ̀wé kọ sọ pé ₦1,494,500 ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan náírà.

Ohun tí akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú jáde ni àkójọ sọ̀wédowó tí kò tíì dé báńkì ní ìparí oṣù karùn-ún. Kí ó tó wo ohun tuntun kankan, yóò wò bóyá àwọn ti oṣù tí ó kọjá ti dé nínú oṣù yìí. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú ìwé sọ̀wédowó, yóò sì máa tẹ̀lé nọ́ńbà orí kùkùté rẹ̀, ìyẹn ni ìwé pélébé tí ó kù lẹ́yìn tí a ti ya sọ̀wédowó kúrò. Bí ó bá ti rí nọ́ńbà kan àti iye owó rẹ̀ nínú ìwé báńkì, yóò fi àmì sí i níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà ni kí ó tẹ̀lé, kì í ṣe iye owó nìkan, nítorí pé sọ̀wédowó méjì lè ní iye kan náà. Bí nọ́ńbà kan bá fò, tí a kò rí kùkùté rẹ̀ tàbí tí a kò rí i nínú ìwé owó, ibẹ̀ ni kí ó dúró sí kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó parí èyí, sọ̀wédowó mẹ́rin ni kò ní àmì. Nọ́ńbà 041 jẹ́ ₦420,000, fún ẹni tí ó ń ta ike wóóró-wóóró tí a fi ń ṣe ọ̀rá. Nọ́ńbà 044 jẹ́ ₦385,000, fún onílọ́rì. Nọ́ńbà 046 jẹ́ ₦260,000, fún ẹni tí ó ń ta epo ẹ̀rọ amúnáwá. Nínú oṣù kẹfà ni a kọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà 029, ₦75,000, tí a kọ fún ẹni tí ó tún ẹ̀rọ ṣe ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún tí ó kọjá. Oṣù mẹ́fà gbáko ni akọ̀wé ti ń kọ nọ́ńbà yìí sínú àkójọ rẹ̀, láì béèrè ìdí tí kò fi dé. A óò padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé báńkì nìkan. Ó ti ń wá ₦2,000,000 láti fi ra ẹ̀rọ tí ń gé ọ̀rá. Ó rí ₦2,480,000 nínú ìwé báńkì, ó sì san owó ẹ̀rọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje. Ó ku ₦480,000. Sọ̀wédowó oníbàárà kan tí a ti san sí báńkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú wọlé, ₦310,000 ni, owó náà sì di ₦790,000. Lẹ́yìn náà ni sọ̀wédowó oníke dé, báńkì san ₦420,000, ó ku ₦370,000. Nígbà tí ti onílọ́rì dé, ₦385,000 ni ó ń béèrè. Ó ku ₦15,000 kí owó tó pé, báńkì sì dá sọ̀wédowó rẹ̀ padà. Onílọ́rì yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti kó ẹrù, ó ti san owó epo, ó sì ti pín owó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtìjú nìkan kọ́ ni ó wà nínú èyí. Láti ọdún 1977 ni òfin kan ti wà ní Nàìjíríà nípa sọ̀wédowó tí báńkì dá padà. Bí ẹnì kan bá fi sọ̀wédowó gba ohun kan, tàbí tí ó fi san gbèsè, tí a sì gbé e lọ sí báńkì láàrín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí a kọ sí i lára, tí owó kò sì tó láti san án, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin náà. A lè sọ onítọ̀hún sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni ó kọ ọ́, ìtanràn wà fún un, ọ̀rọ̀ náà sì lè kan àwọn tí ó ń darí rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin náà fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè fi hàn ní kóòtù pé òun ní ìdí tí ó tọ́ láti gbàgbọ́ pé báńkì yóò san án, àti pé bẹ́ẹ̀ ni òun gbàgbọ́ nítòótọ́. Èmi kò rí ohun tí ẹni tí kò mọ iye sọ̀wédowó rẹ̀ tí ó wà níta yóò fi ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni ìyàtọ̀ máa ń wà. Ohun kan wà tí báńkì mọ̀ tí àwa kò tíì mọ̀, ohun mìíràn sì wà tí àwa mọ̀ tí báńkì kò tíì mọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni a ó fi tún ìwé owó tiwa ṣe. Ti èkejì ni a ó fi ṣe àlàyé ìwé báńkì, nítorí pé a kò lè kọ nǹkan sínú ìwé wọn. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó rí ojú ọ̀rọ̀.

Ní ti ohun tí báńkì mọ̀, akọ̀wé rí i pé báńkì ti yọ ₦12,500 fún owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì yọ ọ́ nínú ìwé owó. Ó rí i pé oníbàárà kan ní Ìgbẹsà fi ₦150,000 ránṣẹ́ tààrà sí báńkì láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì kọ ọ́ sí owó tí ó wọlé. Ó tún rí i pé báńkì san ₦546,000 lórí sọ̀wédowó nọ́ńbà 043, ṣùgbọ́n ₦564,000 ni a kọ sínú ìwé owó. Ó yẹ kùkùté wò, ó sì rí i pé báńkì ni ó tọ̀nà, nítorí náà ó dá ₦18,000 padà sínú ìwé. Irú àṣìṣe yìí, tí nọ́ńbà méjì gba ipò ara wọn, ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀: ìyàtọ̀ tí ó bá mú wá yóò ṣeé pín sí ọ̀nà mẹ́sàn-án láì ṣẹ́kù. Ẹ pín 18,000 sí mẹ́sàn-án, ẹ óò rí 2,000 géérégé. Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ tí ó ṣeé pín bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ irú àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó dára kí a kọ́kọ́ wò.

Wàyí o, kí ni a ó ṣe sí nọ́ńbà 029? Àṣà àwọn báńkì wa ni pé sọ̀wédowó tí ó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ ti kọjá àsìkò, wọn kì í sì í san án mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ni oṣù mẹ́fà ti 029 pé. Nítorí náà, ní ìparí oṣù kẹfà, kò yẹ kí a tún kà á mọ́ àwọn sọ̀wédowó tí ó wà lọ́nà. Akọ̀wé yóò dá ₦75,000 náà padà sínú ìwé owó. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra o! Sọ̀wédowó ni ó kú, gbèsè kò kú. Atúnẹ̀rọṣe náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ ní owó síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà tí a bá dá owó yìí padà ni a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn tí a jẹ ní gbèsè, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èrè ni a jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wá ọkùnrin náà rí. Ó lè jẹ́ pé ó sọ sọ̀wédowó náà nù, ó sì ń rò pé a kò fẹ́ san òun ni. Bí a bá fẹ́ kọ òmíràn fún un, kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí báńkì pé kí wọn má ṣe san 029 bí ó bá dé, kí a sọ nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti iye rẹ̀. Kí a má ṣe sọ pé ó ti kọjá àsìkò, kò séwu. Ojú òṣìṣẹ́ báńkì lè fo ọjọ́ tí a kọ sí ara ìwé, a ó sì wá san gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí gbogbo èyí parí, ìwé owó yóò rí báyìí:

Iye tí ó wà nínú ìwé owó: ₦1,494,500
Ẹ yọ owó iṣẹ́ báńkì: ₦12,500
Ẹ fi owó oníbàárà Ìgbẹsà kún un: ₦150,000
Ẹ fi àṣìṣe nọ́ńbà 043 kún un: ₦18,000
Ẹ fi sọ̀wédowó 029 tí ó kọjá àsìkò kún un: ₦75,000
Iye tí ó tọ̀nà: ₦1,725,000

Ìwé báńkì ni ó kàn. Àwa mọ̀ nípa ₦310,000 tí a san sí báńkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù parí, a sì mọ̀ nípa sọ̀wédowó mẹ́ta tí ó wà lọ́nà:

Iye tí ó wà nínú ìwé báńkì: ₦2,480,000
Ẹ fi owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san kún un: ₦310,000
Ẹ yọ sọ̀wédowó 041, 044 àti 046: ₦1,065,000
Iye tí ó tọ̀nà: ₦1,725,000

Ìwé méjèèjì ti bára mu. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti mọ̀ báyìí pé ₦1,725,000 ni tirẹ̀, àti pé ₦310,000 nínú rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́. Ẹ̀rọ ₦2,000,000 ní láti dúró ná.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà sọ ní gbangba. Pé ìwé méjèèjì bára mu lórí tákàdá kò fi hàn pé kò sí olè níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ jalè lè fi àkójọ yìí gan-an bo ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé akọ̀wé gba ₦260,000 lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti san án sí báńkì, ṣùgbọ́n ó kó o sápò. Owó báńkì yóò dín ní ₦260,000. Bí ó bá wá yọ nọ́ńbà 046, tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦260,000, kúrò nínú àkójọ àwọn sọ̀wédowó tí ó wà lọ́nà, ohun gbogbo yóò tún ṣe déédéé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò fi iye tí ó jí sí abẹ́ owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san sí báńkì, nígbà tí kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé báńkì ti oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni yóò tú u fó. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba ìwé oṣù keje láti ọ̀dọ̀ báńkì, kí ó má ṣe gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ó sì wo ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan. Sọ̀wédowó tí ó bá rí níbẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì fi hàn pé oṣù kẹfà ni a kọ ọ́, gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ ìparí oṣù kẹfà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó béèrè ìdí. Bákan náà, owó tí a sọ pé a san ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìparí oṣù gbọ́dọ̀ hàn láàrín ọjọ́ iṣẹ́ kan tàbí méjì. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ₦310,000 kò hàn, yálà báńkì tí ó yẹ kí ó san án ti dá sọ̀wédowó oníbàárà yẹn padà, tàbí kí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó gbé e lọ sí báńkì rí. Nínú ilé iṣẹ́ tí ènìyàn rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ó ṣòro láti yan ẹni ọ̀tọ̀ tí yóò máa fi ìwé méjèèjì wéra, ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀gá ju wákàtí kan lọ láti yẹ ọjọ́ mẹ́wàá wò.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ yìí kò lè rí. Bí a bá kọ sọ̀wédowó fún ọjà tí ẹnikẹ́ni kò kó wá, tí a kọ ọ́ sínú ìwé owó, tí báńkì sì san án, àmì yóò wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ìwé yóò sì bára mu dáadáa. Ìwé ọjà àti risíìtì ni a fi ń mú irú èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba sọ̀wédowó náà ní ipa tiyín. Ẹ má ṣe fi í sínú àpótí títí di ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá tètè gbé e lọ sí báńkì nígbà tí owó ṣì wà níbẹ̀, ẹ óò rí owó yín gbà kí àwọn mìíràn tó dé, àkójọ akọ̀wé yóò sì kúrú. Ní ti ilé iṣẹ́, kí akọ̀wé so àkójọ oṣooṣù pọ̀ mọ́ ìwé báńkì ti oṣù náà, kí òun àti ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí wọn sì kọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí ilé iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pa àwọn ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́fà, nítorí náà kí a má ṣe jó kùkùté sọ̀wédowó tàbí kí a fi dáná nígbà tí a bá ń gbá ọ́fíìsì ní ìparí ọdún.